Lẹ́tà tó ní "a pa ẹ̀tọ́ wa mọ́": ohun tí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń sọ fún yín gan-an

Bí àlejò bá fara pa níbi iṣẹ́ yín, tí lọ́yà rẹ̀ kọ̀wé béèrè owó, tí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín, ìdáhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ dé kì í ṣe "a ó san", kì í sì í ṣe "a ò ní san". Lẹ́tà kan ni yóò dé. Yóò ní àwọn ti gba ìwé yín, àwọn sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ohunkóhun tí àwọn bá ṣe lásìkò ìwádìí yìí kò túmọ̀ sí pé àwọn gbà láti san, kò sì túmọ̀ sí pé àwọn yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ kankan tí pọ́lísì, ìyẹn ìwé àdéhùn ínṣọ́ránsì yín, fún àwọn. Àwọn oníṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń pè é ní "rẹsaféṣọ̀n ọf ráìtì". Lẹ́tà ìpamọ́ ẹ̀tọ́ ni n ó máa pè é níbí.

Ohun méjì ni mo sábà máa ń rí kí ẹni tó gba lẹ́tà yìí ṣe. Ẹlòmíràn á fojú fò ó, á ní àwọn ínṣọ́ránsì ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹlòmíràn á bínú, á ní wọ́n ti fi ọgbọ́n sọ pé àwọn ò ní san, kò ní gbé fóònù wọn mọ́, kò ní fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ yóò jí lọ́jọ́ kan bá lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sì ní ẹ̀rí kankan nílẹ̀ tó lè fi jà. Ẹnìkejì ti fọwọ́ ara rẹ̀ fún iléeṣẹ́ náà ní ìdí tuntun tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀, torí pé pọ́lísì sọ pé kí oníbàárà bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kò le. Òfin wa gbà pé ẹni tó mọ̀ pé ẹnìkejì òun ti rú àdéhùn, tó sì ń bá àdéhùn náà lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ti yàn pé kí àdéhùn ṣì dúró nìyẹn. Kò lè padà wá sọ lọ́la pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wo onílé tó mọ̀ pé ayálégbé òun ti sọ yàrá di ṣọ́ọ̀bù láìgbàṣẹ, tó ṣì ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù láìsọ nǹkan kan: ó máa ṣòro fún un láti fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn lé e jáde lẹ́yìn ọdún kan. Bákan náà, bí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì bá mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀ sí pọ́lísì, tí wọ́n gba lọ́yà fún yín, tí wọ́n ń bá ẹni tó fara pa dúnàádúrà fún oṣù mélòó kan, ẹ̀yin náà yóò ti fọkàn tẹ̀ wọ́n, ẹ ò ní wá lọ́yà tiyín. Bí wọ́n bá wá yíjú padà, adájọ́ lè sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ọ̀nà yẹn ni lẹ́tà náà ń dí. Ó jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yín láì tíì pinnu. Bí kò bá sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ tó bá ń ṣiyèméjì kò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yín rárá títí yóò fi pinnu, ọjọ́ kóòtù ò sì ní dúró dè yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to àpẹẹrẹ náà, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ tó máa ń bọ́ sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Alhaja kan ní họ́ọ̀lù ayẹyẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ra ínṣọ́ránsì tó ń dáàbò bò ó bí àlejò bá fara pa nínú họ́ọ̀lù náà. Iye tó pọ̀ jù tí iléeṣẹ́ lè san lórí ìjàǹbá kan ni ₦20,000,000, Alhaja fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ gbé ₦500,000 nínú ohunkóhun tí wọ́n bá san. Lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kan nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń ṣe àríyá níbẹ̀, bákónì òkè kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn fara ti irin réèlì, réèlì sì já. Ọmọkùnrin kan já bọ́ láti òkè, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí Ṣágámù fún iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ kejì Alhaja lọ kí i, ó fún ìdílé náà ní ₦300,000, nígbà tó sì délé, ó kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù sí ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà pé: "Ẹ má bínú, àṣìṣe àwa ni, gbogbo owó yòówù kó jẹ́ ni a ó san." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ó di ọjọ́ kọkànlélógójì kí lẹ́tà lọ́yà tó dé, tó ń béèrè ₦18,000,000. Ọjọ́ yẹn ni Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ pe búrókà rẹ̀, ẹni tó bá a ra ínṣọ́ránsì náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́tà ìpamọ́ ẹ̀tọ́ dé láti Èkó. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Èkíní, pọ́lísì ní kí oníbàárà kọ̀wé sọ fún wọn láàárín ọjọ́ 14, ó sì ti pẹ́. Èkejì, nínú fọ́ọ̀mù tí Alhaja kọ nígbà tó kọ́kọ́ ra ínṣọ́ránsì, ó ní ìsàlẹ̀ nìkan ni àwọn àlejò ń lò. Bákónì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, pọ́lísì ní kí oníbàárà má gba ẹ̀bi, kó má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ Wọ́sáàpù sì wà lọ́wọ́ lọ́yà ọmọkùnrin náà.

Bí ẹ bá gba irú lẹ́tà yìí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀ nìyí: ṣé ó dárúkọ abala pọ́lísì tó ń tọ́ka sí, ṣé ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó fi tọ́ka sí i? Lẹ́tà Alhaja yìí ṣe méjèèjì, Alhaja sì mọ ibi tí ẹjọ́ òun wà. Òmíràn á kàn sọ pé "a pa gbogbo ẹ̀tọ́ wa mọ́ lábẹ́ pọ́lísì àti òfin," kò ní sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Kì í ṣe pé irú ìyẹn kò wúlò fún wọn rárá, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọn kò tíì mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ ohun kan pàtó, tí wọ́n gbé e pa mọ́, tí wọ́n fi gbólóhùn gbogbogbòò bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀, àyè wà fún lọ́yà yín láti sọ pé wọn kò kìlọ̀ fún yín nípa ohun náà. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé béèrè: abala wo, ìṣẹ̀lẹ̀ wo, kí ni ẹ ń wá lọ́wọ́ mi láti fi yanjú rẹ̀, ìgbà wo ni ẹ ó pinnu?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kó wọ̀ yín létí dáadáa: lẹ́tà náà kò lè dá ẹ̀tọ́ tuntun sílẹ̀. Ohun tó wà nínú pọ́lísì nìkan ló lè pa mọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yóò gba owó lọ́yà tí àwọn san padà lọ́wọ́ yín bó bá já sí pé pọ́lísì kò bo ọ̀rọ̀ náà, ẹ béèrè abala tó fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ padà sí wọn kíákíá pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ má dákẹ́ lórí ìyẹn.

Lẹ́tà yìí yàtọ̀ sí ìwé tí aṣèwádìí iléeṣẹ́ lè mú wá fún yín láti fọwọ́ sí. Lẹ́tà ìpamọ́ ẹ̀tọ́ kò nílò ìbuwọ́lùwé yín. Iléeṣẹ́ ló dá a kọ. Ṣùgbọ́n nígbà míràn, ẹni tí wọ́n rán wá wo òfò á fa ìwé kan yọ nínú fáìlì, á ní "Mọ́mì, ẹ bá wa sáìn ibí, kí iṣẹ́ lè yá." Àdéhùn ni ìyẹn. Ẹ̀yin náà ń gbà níbẹ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe kò ní dè wọ́n, ó sì lè ju ohun tí lẹ́tà nìkan lè ṣe lọ. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ní ẹ ó fi han lọ́yà yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun mẹ́ta tó wà nínú lẹ́tà Alhaja, torí pé wọn kò wúwo bákan náà.

Ọ̀rọ̀ pé ó pẹ́. Ohun tí lọ́yà yóò kọ́kọ́ wò ni bí pọ́lísì ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bó bá sọ gbangba pé ìkìlọ̀ láàárín ọjọ́ 14 jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ kí gbèsè kankan tó wà lọ́rùn iléeṣẹ́, ọwọ́ wọn le. Bó bá jẹ́ àdéhùn lásán, wọ́n ní láti fi hàn pé pípẹ́ náà pa wọ́n lára. Òfin ínṣọ́ránsì ọdún 2003, ní abala 55, tún sọ pé iléeṣẹ́ kò lè torí pé oníbàárà rú àdéhùn kọ̀ láti san owó tó béèrè àfi bí rírú náà bá jẹ́ ẹ̀tàn tàbí tó bá kan ìpìlẹ̀ àdéhùn. Ní ọdún 2025 ni wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò ti 2003, nítorí náà kí lọ́yà wo ọjọ́ tí pọ́lísì yín bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ èyí tó dè é. Nínú ọ̀ràn Alhaja, ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé kò ju réèlì náà nù. Wẹ́dà fẹ́ kó o lọ, Alhaja ní kó gbé e sí sítọ́ọ̀. Aṣèwádìí rí irin náà, ó rí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, ó ya fọ́tò ihò ara ògiri tó yẹ kí wọ́n ti so wọ́n mọ́. Pípẹ́ kò pa ẹ̀rí kankan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti rọ́pò réèlì, tí wọ́n ti ta èyí tó já fún àwọn onírin àlòkù, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ bákónì. Lọ́jọ́ tó kọ fọ́ọ̀mù, kò sí bákónì, òótọ́ ló kọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kọ́ ọ. Ìbéèrè tó ṣẹ́ kù ni pé: nígbà tó ń ṣe ìsọdọ̀tun lọ́dọọdún, ṣé ẹnikẹ́ni béèrè bóyá ohunkóhun ti yí padà? Nínú àpẹẹrẹ wa, kò sẹ́ni tó béèrè. Búrókà kàn fi nọ́ḿbà báńkì ránṣẹ́, ó sì sanwó. Abala 54 òfin 2003 kan náà sọ pé ohun tí iléeṣẹ́ kò béèrè nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni a ó kà sí ohun tí kò ṣe pàtàkì fún un. Àbò ńlá lèyí jẹ́ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n bí abala kan bá wà nínú pọ́lísì tó ní kí ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń kọ́ nǹkan sí i, àríyànjiyàn ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà ni Alhaja fi kó gbogbo ìwé ìsọdọ̀tun jọ, pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ búrókà, kó tó dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí ó kọlu ìwà wa. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ta ni àlejò rẹ̀ yóò ṣubú nílé tí kò ní lọ kí i? Ẹni tí kò bá lọ, àwọn ará ilé olùfarapa yóò kà á sí ìwà ìkà, wọn yóò sì túbọ̀ le mọ́ ọn. Pọ́lísì kò ní kí ẹ má lọ. Ohun tó kọ̀ ni kí ẹ gba ẹ̀bi, kí ẹ sì ṣèlérí owó. "Ẹ kú àjálù, Ọlọ́run á wò ó sàn, a ti fi tó àwọn ínṣọ́ránsì wa létí" kò gba ẹ̀bi kankan. "Àṣìṣe àwa ni, gbogbo owó ni a ó san" gbà á tán, ó sì ti wà lákọọ́lẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣèrànwọ́ owó fún oògùn lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe búrókà, ẹ gba àṣẹ lákọọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń gbà ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, torí ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ ń dín owó tí wọn yóò san kù. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Pípa á rẹ́ ló lè sọ àṣìṣe di ẹ̀tàn.

Lẹ́tà tí Alhaja kọ padà kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní òun ti rí lẹ́tà wọn, òun yóò bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n òun náà pa gbogbo ẹ̀tọ́ òun mọ́, kò sì túmọ̀ sí pé òun fara mọ́ ohun mẹ́ta tí wọ́n kà sílẹ̀. Ó fi ọjọ́ tí wẹ́dà gbé réèlì sí sítọ́ọ̀ hàn. Ó fi ẹ̀dà àwọn ìwé ìsọdọ̀tun sí i. Ó ní kí wọ́n sọ bóyá wọn yóò yan lọ́yà tí yóò dáhùn kí ọjọ́ kóòtù tó pé. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Lẹ́tà ìpamọ́ ẹ̀tọ́ kò dá aago kóòtù dúró. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fèsì láàárín àkókò tí ìlànà kóòtù fún un, adájọ́ lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn yín, iye tó bá sì dá ni ẹ ó máa bá a yí.

Bí wọ́n bá yan lọ́yà fún yín lásìkò yìí, ohun kan wà tó ń fara sin. Owó iléeṣẹ́ ni lọ́yà náà ń gbà, ẹ̀yin ló sì ń gbèjà. Ohun tí ẹ bá sọ fún un nípa bákónì lè wúlò fún iléeṣẹ́ láti kọ̀ yín sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí wọn pé lọ́yà tó ń gbèjà yín kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ bóyá pọ́lísì bo ìjàǹbá náà tàbí kò bò ó, àti pé kí ẹlòmíràn máa bójú tó ìyẹn ní iléeṣẹ́ wọn. Kí ẹ sì wá lọ́yà tiyín fún apá kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìmọ̀ràn wákàtí díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀. Èyí kì í ṣe àyè láti parọ́ o. Òtítọ́ ni kí ẹ sọ fún aṣèwádìí; ẹ kàn ka ohun tó bá kọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà.

Kí ẹ máa ṣọ́ ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe lẹ́yìn lẹ́tà náà. Bí wọ́n bá ti mọ̀ nípa bákónì, tí àkókò ìsọdọ̀tun dé, tí wọ́n gba owó ọdún tuntun láìsọ ohunkóhun, ẹ tọ́jú rìsíìtì yẹn; ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti fara mọ́ pọ́lísì náà bó ṣe wà, ohun yòówù kí lẹ́tà wọn ti sọ. Bí lẹ́tà náà bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù gígùn tí wọ́n ti ń darí ẹjọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́, lórí ohun tí wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ kìíní, ẹ jẹ́ kí lọ́yà mọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ tí wọn kò pinnu, ẹ kọ̀wé rán wọn létí, lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹjọ́ lọ sí àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Lẹ́tà tí ẹ ti kọ nílẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ fún yín níbẹ̀, kì í ṣe ìpè fóònù.

Nínú àpẹẹrẹ wa, lẹ́yìn tí aṣèwádìí parí iṣẹ́, iléeṣẹ́ gbà láti san. Wọ́n bá lọ́yà ọmọkùnrin náà dúnàádúrà títí ó fi balẹ̀ sí ₦9,000,000. Alhaja gbé ₦500,000 tirẹ̀, wọ́n san ₦8,500,000 tó kù. ₦300,000 tó fún ìdílé náà lọ́jọ́ kejì kò padà wá sọ́wọ́ rẹ̀, torí pé kò gbàṣẹ kó tó san án. Kó tó fọwọ́ sí ìwé ìparí, ó béèrè lẹ́tà kan ṣoṣo sí i, tí yóò sọ pé iléeṣẹ́ ti fa ìpamọ́ ẹ̀tọ́ wọn sẹ́yìn lórí ìjàǹbá yìí, kò sì ní padà béèrè owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún un. Bí kò bá béèrè ni, lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fáìlì bó ṣe wà.